Bí mo ṣe kọ lẹ́tà oògùn Pákínsìn Màmá sí àwọn ará ilé wọn

Ìwé tí dókítà kọ fún Màmá ò ju ìlà kan lọ. Kabidópà pẹ̀lú lẹfodópà, 25/100, ààbọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ìyẹn odidi kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ó tán. Fún èmi tí mò ń ta oògùn, ìlà yẹn tó, àmọ́ fún àwọn tó máa fi oògùn sí Màmá lẹ́nu kò tó rárá, torí oògùn yìí kì í ṣe parasitamọ́ọ̀lù téèyàn kàn ń gbé mì nígbà tó bá rántí. Ìyàwó ọmọ wọn, Ìyá Ìbejì la máa ń pè é, òun ló wá gbà á, ó sì sọ fún mi pé òun tètè máa ń lọ sọ́jà, pé ọmọ òun obìnrin tó wà ní girama ló máa ń fún Màmá ní oògùn láàárọ̀, àbúrò Màmá tó ń gbé yàrá kejì ló máa ń fún wọn lọ́sàn-án, òun alára ló ni ti alẹ́. Èèyàn mẹ́ta. Tí mo bá ṣàlàyé fún un lẹ́nu lórí kàǹtá, kó tó délé á ti ku ìdajì, kó tó kan àbúrò Màmá á ti di nǹkan míì. Mo ní kó jẹ́ kó di ọ̀la, màá kọ lẹ́tà, torí oògùn ò ní bẹ̀rẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọ̀túnla.

Kí n tó kọ nǹkan kan mo pè é lórí fóònù lálẹ́, mo bi í ní ìbéèrè bíi ọlọ́pàá. Aago mélòó ni Màmá ń jí? Kí ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀? Oògùn wo ló ti wà nílẹ̀, títí kan tọ́níìkì, títí kan àgbo, títí kan ohun tí àwọn ará àdúgbò ń gbé wá? Ṣé oúnjẹ kì í há wọn lọ́fun? Ìbéèrè àgbo yẹn, ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní "ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni o". Mo ní mi ò bá a jà, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí mo fi gbọ́ pé Màmá ń mu blọ́ọ̀dù tọ́níìkì lọ́sàn-án, pé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan láàárọ̀, àti pé obìnrin kan ládùúgbò ti ṣèlérí ẹ̀lúbọ́ àgbo kan tí wọ́n ń lọ̀ láti ara wèrèpè. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kan oògùn tuntun yìí. Ká ní mo ti jókòó kọ lẹ́tà láìbéèrè ni, lẹ́tà tó dùn ún kà ni ǹ bá kọ, kò sì ní bá ilé yẹn mu.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá ńlá, torí ojú àbúrò Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Lẹ́yìn tí mo kí wọn, ohun tí oògùn wà fún ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí:

"Àìsàn tó ń ṣe Màmá ni wọ́n ń pè ní Pákínsìn, òun náà ló ṣe Mohammed Ali tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó lásán. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dópámíìnì, òun ló ń jẹ́ kí ara gbọ́ràn nígbà téèyàn bá fẹ́ rìn tàbí fẹ́ na ọwọ́. Ti Màmá ti dín kù. Lẹfodópà inú oògùn yìí máa ń wọ inú ọpọlọ lọ, ibẹ̀ ló ti ń di dópámíìnì. Kabidópà tó bá a rìn kì í jẹ́ kó yí padà kó tó dé ọpọlọ, ìyẹn náà ni kì í jẹ́ kí èébì pọ̀."

Mo wá fi gbólóhùn kan tẹ̀lé e tí mo fà lábẹ́, torí mo ti rí ìdílé tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti pa oògùn tì: "Ẹ má fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n dá oògùn yìí lẹ́jọ́." Gbígbọ̀n ọwọ́ lè má tètè lọ, ó tiẹ̀ lè má lọ tán láéláé. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dáa ni líle ara àti fífà tí ara ń fà. Torí náà mo ní kí wọ́n máa wo bí Màmá ṣe ń dìde lórí àga, ṣé wọ́n ń rí bọ́tìnì bùbá wọn dè, ṣé wọ́n ń yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì láìpe èèyàn. Mo sì sọ ọ́ gbangba pé oògùn náà kì í wo àìsàn yẹn sàn, ó ń jẹ́ kí ara ṣeé gbé ni, àti pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó rí agbára rẹ̀ dáadáa.

Àkókò ló kàn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ aago mẹ́fà, aago kan, aago méje, mo wá rántí pé Màmá ò ní wo aago, àbúrò wọn náà ò ní wò ó, ṣùgbọ́n kò sí ìrun kan tó ń fo àwọn méjèèjì. Bí mo ṣe so ó mọ́ ìrun nìyẹn: ti àárọ̀ tí wọ́n bá ti kírun Sùbúhì tán, ti ọ̀sán ní ìrun Àìlà, ti alẹ́ ní Mọ̀gàríbà. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, wákàtí mẹ́fà sí méje ló máa ń wà láàárín, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí, kí agbára rẹ̀ lè pín káàkiri ọ̀sán. Mo fi aago kún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọmọ girama yẹn, kó lè fi àlááàmù sórí fóònù. Mo tún kọ pé kí Màmá jókòó nàró kí wọ́n tó gbé e mì, pẹ̀lú ààbọ̀ ife omi, kí wọ́n má ṣe sùn sílẹ̀ gbé e mì, torí àìsàn yìí máa ń mú ọ̀nà ọ̀fun lẹ náà. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ wọn yìí ṣeé dá sí méjì, ó ní ilà láàárín, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ pé oríṣi míì wà tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, wọ́n máa ń kọ CR sára páálí rẹ̀, ìyẹn ò ṣeé lọ̀, ẹnu ò gbọdọ̀ rún un, tí ṣọ́ọ̀bù kan bá lọ gbé e fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ pè mí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà náà, torí ibẹ̀ ni oògùn yìí ti máa ń ṣe bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, mílíìkì, gbogbo oúnjẹ amáradàgbà, tí wọ́n bá dà nínú ikùn, ohun tí wọ́n dà dì àti lẹfodópà, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà wọlé. Mo kọ ọ́ sí wọn pé: "Ẹ fojú inú wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí oògùn bá ṣíwájú, á ráyè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé òun àti àwo ẹ̀wà ni wọ́n jọ dé, ìta ni á wà tí ìrun á fi parí." Kì í sì í ṣe ìfun nìkan, tó bá dé ẹnu ọ̀nà ọpọlọ wọ́n á tún jọ du ibẹ̀ bákan náà. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè lo oògùn pé pérépéré, kó tún jẹ mọ́ínmọ́ín tó dùn lé e, kí ara sì le gbagidi títí di ọ̀sán, káwọn ará ilé máa sọ pé feeki ni wọ́n tà fáwọn.

Àmọ́ ibi tí mo ṣọ́ra fún jù nìyí, torí mo mọ àwọn èèyàn wa. Tí o bá sọ pé ẹran ń dí oògùn lọ́wọ́, ọ̀la ni wọ́n á ti ẹnu Màmá pa mọ́ ẹran, ẹja, ẹ̀wà, oṣù méjì Màmá á ti gbẹ bí igi ìṣáná. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé kò sí oúnjẹ tó di èèwọ̀, àkókò la kàn yí. Oògùn lẹ́yìn Sùbúhì pẹ̀lú omi lásán, tó bá ti tó ààbọ̀ wákàtí wọ́n lè mu ẹ̀kọ, àkàrà tàbí ẹyin kó dúró tó bíi wákàtí kan. Lọ́sàn-án, oògùn ní Àìlà, àmàlà tòun ti ẹran rẹ̀ ní aago méjì. Tí oúnjẹ bá ti ṣíwájú ńkọ́? Ẹ dúró bíi wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó fún wọn ní oògùn, ẹ má kàn jù ú lé e lórí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yàtọ̀ díẹ̀ ṣá. Oògùn yìí máa ń rin àwọn kan lára níbẹ̀rẹ̀, ó lè bì wọ́n. Ìdí tí dókítà fi bẹ̀rẹ̀ láti ààbọ̀ nìyẹn. Mo ní tí inú bá ń ru Màmá kí wọ́n fi bísíkítì kíráákà méjì tàbí ẹ̀kọ mímu tí kò ní mílíìkì sí i tì í, ìyẹn ò lè dí ọ̀nà. Mílíìkì gan-an ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn, wọ́n gbà pé òun ló ń tu ikùn lára, mo sì fẹ́ kó hàn pé ohun tí a ń sá fún gan-an nìyẹn.

Èébì yẹn náà ló mú mi kọ ohun tó wà lókè lẹ́tà pátápátá, tí mo fi báírò pupa kọ. Oògùn kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ fún èébì, Plásíìlì, mẹtoklópírámáìdì lorúkọ rẹ̀ gangan, ẹ rí i ní kẹ́místì èyíkéyìí, wọ́n sì máa ń fún un lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù. Ó ń dí dópámíìnì lọ́wọ́ nínú ọpọlọ. Ìyẹn ni pé ohun tí lẹfodópà ń kó wọlé, òun ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Tí wọ́n bá fún ẹni tó ní Pákínsìn, ara rẹ̀ lè le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò tiẹ̀ ní lè dìde. Halopẹrídọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń fún àgbàlagbà tó bá ń sọ ìsọkúsọ náà ń ṣe bákan náà. Torí náà mo kọ ọ́ sókè: "MÀMÁ NÍ PÁKÍNSÌN. Ẹ MÁ FÚN WỌN NÍ PLÁSÍÌLÌ TÀBÍ HALOPẸRÍDỌ́Ọ̀LÙ LÁÌKỌ́KỌ́ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ DÓKÍTÀ WỌN." Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sórí káàdì kékeré kan bákan náà, mo ní kí wọ́n kì í bọ inú páàsì Màmá, kí nọ́ọ̀sì tó bá gbà wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan lè rí i kó tó fa abẹ́rẹ́. Oògùn èébì míì wà tí dókítà lè lò dípò rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ará ilé.

Blọ́ọ̀dù tọ́níìkì ńkọ́? Irin ló wà nínú rẹ̀, irin sì máa ń dì mọ́ lẹfodópà nínú ìfun débi pé kò ní ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mi ò ní kí Màmá jáwọ́, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àkókò rẹ̀ ni mo yí, láti ọ̀sán bọ́ sí aago mẹ́wàá alẹ́ kí wọ́n tó sùn, kí ó lè jìnnà sí oògùn Mọ̀gàríbà. Wákàtí méjì ni ó kéré tán.

Ti wèrèpè wá gba ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ ló mọ wèrèpè sí ohun tó ń yún èèyàn nígbó, àmọ́ kóró inú rẹ̀, lẹfodópà ojúlówó ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìtàn. Obìnrin àdúgbò yẹn ò purọ́ rárá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ṣíbí kan, ó lè pọ̀ nínú ti òní kó kéré nínú ti ọ̀la, Màmá á sì ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mì tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò wa, òótọ́ ni wèrèpè ń ṣiṣẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yìí. Tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, oògùn kan náà lẹ fún Màmá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lè máa bì, òòyì lè gbé wọn ṣubú, wọ́n sì lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀." Mo mọ̀ pé tí mo bá kọ "ẹ má lo àgbo" lásán, wọ́n á lò ó ní kọ̀rọ̀ ni, wọn ò sì ní sọ fún mi.

Ohun tí ojú wọn lè rí, mẹ́ta ni mo kọ. Ìtọ̀ tàbí òógùn lè pọ́n tàbí kó dúdú, ó tiẹ̀ lè ta sí aṣọ funfun, kò léwu, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni òòyì, torí oògùn yìí máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ téèyàn bá dìde lójijì, Màmá sì ti ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n sì máa kírun lórí àga, torí dídìde láti ìforíkanlẹ̀ gan-an ni òòyì yẹn máa ń dúró dè. Ẹ̀kẹta, tí Màmá bá ń sọ pé àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú yàrá tí ẹ ò rí ẹnì kankan, ẹ má pe wòlíì, ẹ má pe alfa, ẹ pe dókítà, oògùn ló lè fà á, wọ́n á tún un ṣe.

Ibi tó kàn, mi ò fi ẹ̀rín sí i rárá. Oògùn yìí ò gbọdọ̀ dúró lójijì. Tó bá dúró pátápátá lọ́jọ́ kan, ara lè le gan, ibà tó ga lè dé, orí lè dàrú, ó sì lè pa èèyàn. Ìdí tí oògùn fi sábà máa ń dúró nílé wa ni pé ó tán, owó ò sí, tàbí ẹni tó máa ń rà á rìnrìn àjò. Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn: tó bá ti di odidi kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mọ́kànlélógún ni lọ́sẹ̀ kan, nítorí náà tó bá ti ku mọ́kànlélógún nínú páálí, ọjọ́ yẹn ni kí wọ́n lọ rà, kí wọ́n má dúró de ìkẹyìn. Kí wọ́n sì máa ka iye tó wà lára páálí, 25/100, torí 25/250 wà lọ́jà tó jọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ ni lẹfodópà inú ìyẹn. Tí wọ́n bá gbàgbé ẹyọ kan, kí wọ́n fún Màmá nígbà tí wọ́n bá rántí, àfi tí àkókò tó kàn bá ti súnmọ́, kí wọ́n fo ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi méjì dí i.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì dé lọ́jọ́ kejì, òun àti ọmọ girama yẹn ló wá. Mi ò bi wọ́n bóyá ó yé wọn, gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé ó yé òun. Mo ní kí ọmọ náà kà á sókè, lẹ́yìn náà mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í pé: "Màmá ti jẹ ìrẹsì àti ẹja ní aago méjìlá kí o tó rántí oògùn, kí lo máa ṣe?" Ó ní òun á dúró títí di aago méjì kí oúnjẹ lè lọ sílẹ̀. Dáadáa. Mo bi ìyá rẹ̀ pé tí Màmá bá ń bì ńkọ́, ó ní, "Màá ra Plá..." ọmọ rẹ̀ sì gbá a lápá kó tó parí ẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìyá ti béèrè nípa ààwẹ̀ Rámádáánì, mo sọ fún un pé oògùn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ àti ààwẹ̀ ò lè bára mu láìjẹ́ pé ọ̀kan fò, kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà àti alfa wọn ṣáájú oṣù náà, kí Màmá má dá a ṣe. Mo fi ìlà kan kún lẹ́tà lójú ẹsẹ̀.

Mo tún fún wọn ní ìwé ẹsáísáìsì kékeré kan, kí wọ́n máa kọ aago tí wọ́n lo oògùn, aago tí ara tú, àti aago tí ara tún bẹ̀rẹ̀ sí le. Nígbà tí wọ́n padà lọ rí dókítà, ìwé yẹn ló kọ́kọ́ wò. Ó rí i pé ìrọ̀lẹ́ ló burú jù, ara Màmá ti máa ń le padà tipẹ́ kí Mọ̀gàríbà tó dé, ló bá pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin: aago mẹ́fà, aago mọ́kànlá, aago mẹ́rin, aago mẹ́sàn-án. Bí wọ́n ṣe gbé ìwé tuntun yẹn fún mi, tọ́níìkì ni mo kọ́kọ́ rántí, torí aago mẹ́wàá alẹ́ ti súnmọ́ ti aago mẹ́sàn-án jù. Mo gbé e padà sí ọ̀sán, aago kan ààbọ̀, tó jìnnà sí ti mọ́kànlá tó sì jìnnà sí ti mẹ́rin, mo kọ abala àkókò náà tuntun, mo ní kí wọ́n ya ti àtijọ́ dànù kí méjì má baà wà nílé.